Bí a ṣe ń fi ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá fa apá kan orin gùn, tí kíì àti témpò rẹ̀ kò fi ní yẹ̀

Orin ìgbéyàwó kan dé ọwọ́ mi ní Adó-Èkìtì. Àbúrò ìyàwó ló fi Suno, ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá tó ń ṣe orin, ṣe é. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 3, ohùn obìnrin kan ń dá a, ẹgbẹ́ akọrin ń gbè é. N kò rí àléébù kankan lára rẹ̀ títí bàbá onílù fi dé láti Ìkẹ́rẹ́. Gángan ni bàbá fẹ́ fi ki ìdílé ọkọ àti ti ìyàwó. Ó jókòó, ó gbọ́ orin náà lẹ́ẹ̀mejì, ó wá bi mí pé: "Ọmọ mi, ibo lo fẹ́ kí n ti sọ̀rọ̀ nínú orin yìí? Bí ọ̀kan bá ti dákẹ́, èkejì ti gbà á. Àyè dà?"

Òótọ́ ni bàbá sọ. A ní láti la àyè sáàárín orin náà lẹ́yìn ègbè àkọ́kọ́, kí ìlù àti dùùrù máa lọ nísàlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má kọrin, kí bàbá fi ráyè ki àwọn èèyàn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹsẹ kejì wọlé bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Bí kíì apá tuntun náà bá yàtọ̀ sí ti orin, ẹsẹ kejì á dún bí ẹni tó ṣèèṣì wọ ilé onílé. Bí témpò rẹ̀ bá sì yàtọ̀, àwọn oníjó á kọsẹ̀ níbi tí a ti so ó pọ̀. Bí mo ṣe ṣe é ni mo fẹ́ tò síbí, pẹ̀lú ibi tí mo ti kọ́kọ́ ṣìnà.

Kíì ni mo ń pe ibi tí do orin náà wà. Témpò ni iye bíìtì tó ń lọ ní ìṣẹ́jú kan, òun ni ojú ẹ̀rọ máa ń kọ ní `BPM`. Báà sì ni bíìtì mẹ́rin-mẹ́rin tí a fi ń ka orin yìí.

Ohun tí ẹ̀rọ gbọ́ ló ń tẹ̀ lé

Ohun kan wà tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan. Nígbà tí ẹ bá ní kí ẹ̀rọ fa orin gùn, kò sí aago kankan nínú rẹ̀ tó ń ka bíìtì fún un. Ó ń tẹ́tí sí ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn níbi tí ẹ gé orin dé, ó sì ń méfò ohun tó yẹ kó tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ àṣẹ tí ẹ kọ ń tì í síbí, ó ń tì í sọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n orin tó gbọ́ ló ń dì í mú. Nítorí náà, ẹni tó kọ `96 BPM` sínú àpótí, tó wá gé orin níbi tí ìlù ti dákẹ́, kò tíì fún ẹ̀rọ ní témpò kankan. Ibi tí ẹ gé e sí lágbára ju nọ́ńbà tí ẹ kọ lọ. Àwọn ẹ̀rọ kan ti ní àpótí témpò àti ti kíì lọ́tọ̀. Ẹ kún un bí ó bá wà, ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí rẹ̀ fo ohun tó kù.

Ẹ kọ́kọ́ mọ témpò àti kíì

Ẹ ṣí aago ìdíwọ̀n àkókò lórí fóònù. Ẹ jẹ́ kí orin máa lọ, kí ẹ máa fi ẹsẹ̀ gbá bíìtì. Lórí bíìtì tí ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ pé "òdo", kí ẹ sì tẹ aago lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ kà dé 32, kí ẹ dá a dúró. Òdo yẹn ṣe pàtàkì: ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti "ení" á fi bíìtì kan ṣìṣe. Ìṣẹ́jú àáyá 20 ni tèmi gbà:

```
60 x 32 / 20 = 96 BPM
240 / 96 = 2.5
2.5 x 16 = 40
```

Ìlà kejì ni gígùn báà kan: ìṣẹ́jú àáyá 2.5. Ìlà kẹta ni gígùn báà 16, ìṣẹ́jú àáyá 40, èyí tí bàbá ní ó tó òun. Kì í ṣe pé mo kàn mú 16 bẹ́ẹ̀. Dùùrù orin náà ń yí po ní báà mẹ́rin-mẹ́rin: ó bẹ̀rẹ̀ lórí do, ó gba fa, ó gba sol, ó padà sí do. Báà 16 jẹ́ ìyípo mẹ́rin gééré, nítorí náà, nígbà tó bá parí, dùùrù á ti wà nílé láti gba ẹsẹ kejì. Ká ní báà 14 ni mo fẹ́, mi ò bá bá a lójú ọ̀nà.

Fún kíì, ẹ jókòó ti kíbọọ̀dù. Ẹ wá ohùn tí orin máa ń balẹ̀ sí nígbà tí ègbè bá parí, èyí tí ẹ lè dì mú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin tí kò ní dun etí. Ẹni tó bá ti kọ sol-fa nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì á tètè rí i. Ti orin yìí jẹ́ F. Bí ohun èlò kan lórí fóònù bá sọ fún yín pé `D minor` ni, ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú, nítorí ohùn méje kan náà ni F àti `D minor` ń lò. Ẹ kàn bi ara yín bóyá orin náà ń sinmi lórí do tàbí lórí la.

Ibi tí ẹ ó gé e sí

Níbí ni iṣẹ́ wà. Ẹ gba orin náà sílẹ̀ ní `WAV`, ẹ má gba `MP3`. `MP3` máa ń fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kékeré kún ìbẹ̀rẹ̀ orin, ó kéré débi pé etí kò ní mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ó tó láti sún gbogbo báà kúrò nípò. Orin ìṣẹ́jú 3 ní `WAV` máa gba nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 32, nítorí náà ẹ wo dátà yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Mo ṣí i nínú Audacity, ohun èlò àtúnṣe ohùn lórí kọ̀ǹpútà, tí kì í gba owó. Mo pa ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó wà níwájú rẹ̀ rẹ́ kí bíìtì àkọ́kọ́ lè bọ́ sí 0:00 gan-an. Láti ibẹ̀, gbogbo báà á máa bọ́ sí orí 2.5, 5, 7.5, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Báà 8 ni ìbẹ̀rẹ̀ orin náà, báà 16 ni ẹsẹ àkọ́kọ́, báà 8 ni ègbè. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 32, nítorí náà ègbè parí ní 1:20 géérégé. Mo yan ohun tó wà láti 0:00 dé 1:20, mo tẹ `Z` kí etí ibi tí mo yàn lè bọ́ síbi tí ìgbì ohùn ti kan òdo, kó má baà fọ́ "tá" níbi gígé, mo sì fi èyí nìkan pamọ́ gẹ́gẹ́ bí fáìlì ọ̀tọ̀.

Kí ló dé tí n kò kàn fi ìka fa ojú àmì dé 1:20 lórí ojú ẹ̀rọ orin fúnra rẹ̀? Témpò 96 ló ṣe ojúrere fún mi pẹ̀lú ìṣẹ́jú àáyá tí kò ní ẹ̀yà. Bí orin yín bá jẹ́ 104, báà 32 á parí ní ìṣẹ́jú àáyá 73.85, ojú ẹ̀rọ tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá odidi kò sì ní lè bọ́ sórí rẹ̀. Bí ẹ bá gé fáìlì fúnra yín, tí ẹ wá ní kí ẹ̀rọ fà á gùn láti ìparí rẹ̀, kò sí àríyànjiyàn nípa ibi tí báà tuntun ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo ohun tó wà ní nǹkan bíi ìṣẹ́jú àáyá 20 tó ṣáájú ibi gígé. Ṣé ìlù ń lọ déédéé? Ṣé dùùrù wà níbẹ̀? Bí orin bá ń falẹ̀ bọ̀, tàbí tí ohùn rẹ̀ ń rọlẹ̀ bí ìgbà tí orin fẹ́ parí, ẹ sún ibi gígé sẹ́yìn dé òpin ìlà mìíràn. Ẹ̀rọ tó bá gbọ́ orin tó ń falẹ̀ á rò pé ó yẹ kí orin falẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ àṣẹ

Nígbà àkọ́kọ́, lórí ẹ̀rọ mìíràn tí n kò ní dárúkọ, ojú ni mo fi wò ó, mo gé e ní 1:18, àárín ọ̀rọ̀ akọrin. Mo wá kọ `energetic drum break, build up` sí i. Ohun tó jáde sáré dé nǹkan bíi 104, nígbà tó sì máa fi tó ìlàjì, do ti gòkè láti F sí G. Inú bí mi, ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. `Energetic` ń pe eré sísá, `build up` sì ń pe gígòkè. Ẹ̀rọ gbọ́ràn sí mi lẹ́nu ju bí mo ṣe fẹ́ lọ.

Ohun tó ṣiṣẹ́ ni pé kí a lọ wo ọ̀rọ̀ àṣẹ tí wọ́n fi ṣe orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kí a dà á kọ bó ṣe wà, kí a sì yí nǹkan kan ṣoṣo padà nínú rẹ̀. Àbúrò ìyàwó ṣì ní tirẹ̀ lọ́wọ́. Ohun tí mo kọ sínú àpótí irú orin nìyí:

```
Yoruba gospel, sekere, organ, soft bass,
mixed choir, 96 BPM, F major, 4/4,
steady tempo, same groove, instrumental
```

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn nìkan ló yí orin padà; témpò, kíì àti `same groove` tí mo fi kún un kàn ń di ohun tó ti wà mú ni. Nínú àpótí ọ̀rọ̀ orin, n kò tún gbogbo ẹsẹ kọ. Apá tó ń bọ̀ nìkan ni mo kọ:

```
[Instrumental Break]
[sekere and organ, same chords, no vocals]
```

Ẹ ó rí i pé n kò bèèrè gángan. Mo ti gbìyànjú rẹ̀ rí. Ẹ̀rọ á fún yín ní ìró tó jọ gángan, ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan. Ẹni tó bá gbọ́ èdè ìlù á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ìlù yẹn ń wúyẹ́ lásán. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ tẹ́ ẹní sílẹ̀, kí Àyàn wá jókòó lé e.

Ẹ ṣọ́ra fún orúkọ irú orin, nítorí ó máa ń gbé témpò tirẹ̀ dání. Ẹni tó kọ `amapiano` ti pe nǹkan bíi 112 láìmọ̀. Ẹni tó kọ `drum and bass` ti pe nǹkan bíi 170. Bí ẹ bá fẹ́ adùn amapiano nínú orin tó ń lọ ní 96, ẹ kọ ohun èlò tí ẹ fẹ́, bíi `log drum`, kí ẹ fi orúkọ irú orin náà sílẹ̀. Bákan náà, ẹ má kọ `no key change` sínú àpótí irú orin, nítorí ẹ̀rọ lè mú `key change` kí ó ju `no` nù. Suno ní àpótí ọ̀tọ̀ fún ohun tí ẹ kò fẹ́. Ibẹ̀ ni kí ẹ kọ `key change, tempo change` sí. `[Final Chorus]` náà tún wà lára ohun tí mo máa ń yẹra fún, nítorí nínú ọ̀pọ̀ orin ayé, ibẹ̀ ni olórin ti máa ń gbé do sókè, ẹ̀rọ sì ti kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Mo gbé fáìlì tí mo gé sókè sí Suno, mo tẹ `Extend`, mo yan ìparí, mo fi àwọn ọ̀rọ̀ yìí sí i. Méjì ló máa ń jáde lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má yí ọ̀rọ̀ àṣẹ padà bí méjèèjì kò bá tẹ́ yín lọ́rùn. Ẹ tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i ná, nítorí ọ̀rọ̀ kan náà lè mú ohun tó yàtọ̀ gan-an jáde. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tẹ̀ ẹ́, ìkarùn-ún nínú mẹ́fà ni mo mú.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé kò yẹ̀

Etí máa ń tan ènìyàn jẹ. Bí ẹ bá gbọ́ apá tuntun fúnra rẹ̀, ó lè dùn mọ́ yín kí ó sì ti yẹ̀. Ẹ gbé e wọ Audacity, ẹ gé ibi tí apá tuntun ti bẹ̀rẹ̀ kí ó bọ́ sí 0:00. Ẹ lọ sí `Generate`, ẹ yan `Rhythm Track`, ẹ kọ témpò 96, bíìtì 4 sí báà, báà 16. Á fún yín ní ìró aago tó ń kà. Ẹ jẹ́ kí méjèèjì jọ máa lọ. Ẹ má wo báà àkọ́kọ́, nítorí kò sí èyí tí kì í bára mu níbẹ̀. Báà 15 àti 16 ni kí ẹ fetí sí.

Èyí tí mo mú, ní báà 16, ìlù ti ń gbẹ̀yìn aago. Mo kà á, 95 ló jẹ́. Báà 16 ní 95 jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 40.42 dípò 40. Ìyàtọ̀ 0.42 kéré lójú, ṣùgbọ́n bíìtì kan nínú orin yìí jẹ́ 0.625, nítorí náà ó ti tó ìdá méjì nínú mẹ́ta bíìtì. Bí mo bá so ó bẹ́ẹ̀, gbogbo oníjó ló máa mọ̀. Mo yan apá náà, mo lọ sí `Effect`, `Pitch and Tempo`, `Change Tempo`, mo kọ 95 sí 96. Ó yára ní nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, kò sì yí ohùn rẹ̀ padà. Èyí ṣeé ṣe nítorí pé 95 náà dúró ṣinṣin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bó bá jẹ́ pé ó bẹ̀rẹ̀ ní 96 tó wá ń falẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ má fi àkókò ṣòfò lórí àtúnṣe, ẹ jù ú nù, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́.

Ní ti kíì, ẹ di F mú lórí kíbọọ̀dù kí ó máa dún lábẹ́ orin láti 1:10 títí apá tuntun á fi parí. Bí do bá ti sún, ẹ ó gbọ́ ọ bí ẹni jẹ òkúta nínú ìrẹsì. Èyí tó ṣòro mọ̀ ni kí do sún lọ sí aládùúgbò. Bí orin bá kúrò ní F lọ sí B♭, ohùn kan ṣoṣo ló yàtọ̀: E á di E♭. Bó bá lọ sí C, B♭ á di B. F sì lè bá àwọn méjèèjì dún láìsí ìjà. Nítorí náà, lẹ́yìn tí ẹ bá ti di F mú, ẹ tún di E mú. Nínú sol-fa orin wa, E ni `ti`. Kò ní bá gbogbo dùùrù ṣọ̀rẹ́, pàápàá níbi tí orin bá gba fa, ṣùgbọ́n nígbà tí dùùrù bá dé orí sol, tí ó fẹ́ padà sílé, ó gbọ́dọ̀ bá a dún. Bó bá ń bá a jà níbẹ̀, ilé ti yí padà.

Bí kíì bá fi sẹ́mítóònù kan yẹ̀ látòkè délẹ̀, `Change Pitch` lè tún un ṣe. Bó bá ju ìyẹn lọ, ohùn dùùrù á máa dún bí ohun tí a fi ike ṣe.

Síso ó pọ̀

Mo to mẹ́ta sórí ìlà kan: orin àtijọ́ láti 0:00 dé 1:20, apá tuntun fún ìṣẹ́jú àáyá 40, lẹ́yìn náà orin àtijọ́ láti 1:20 dé òpin. Ìsopọ̀ àkọ́kọ́ kò ní wàhálà, nítorí ẹ̀rọ ti gbọ́ ohun tó ṣáájú, òun fúnra rẹ̀ ló sì fa ìró akọrin tó ń lọ sílẹ̀ kọjá ibi gígé. Ìsopọ̀ kejì, ní 2:00, ló fún mi ní iṣẹ́. Ìdajì ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́ nínú ẹsẹ kejì ṣì gbé ìró ègbè àtijọ́ dání, èyí tó kù láfẹ́fẹ́ nígbà tí akọrin dákẹ́. Lójijì, lẹ́yìn ìlù lásán, "aaah" kan á yọ láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Mo sọ fún bàbá, ó ní kò burú, òun á fi ìlù bò ó.

Bó bá jẹ́ pé ẹ kò fẹ́ fi kún gígùn orin, tó jẹ́ pé inú apá kan ni ẹ fẹ́ tún ṣe, `Replace Section` ni kí ẹ lò dípò `Extend`. `Extend` ń gbọ́ ẹ̀yìn nìkan, `Replace Section` ń gbọ́ ẹ̀yìn àti iwájú, nítorí náà kíì àti témpò kì í fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ni mo lò fún ègbè, láti 1:00 dé 1:20, nítorí pé ẹnu kan ṣoṣo ni akọrin ẹ̀rọ fi ń gbè é, bẹ́ẹ̀ a kì í gbè é bẹ́ẹ̀ ní Èkìtì. Bí ẹnìkan bá mú sol níbí, ẹnìkejì á mú mi lábẹ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì á sì jọ máa gòkè, máa sọ̀kalẹ̀. Mo fi ọ̀rọ̀ orin sílẹ̀ bó ṣe wà, mo kàn fi `women's choir in parallel thirds` rọ́pò `mixed choir`. Láti ojú báà dé ojú báà ni kí ẹ yàn án. Ẹ sì ṣe irú àtúnṣe yìí kí ẹ tó fa orin gùn, nítorí ègbè ni ẹ̀rọ máa gbọ́ nígbà tó bá fẹ́ ṣe apá tuntun.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ ti so pọ̀, mo fi F kan sórí kíbọọ̀dù fún bàbá. Ó fi ọwọ́ òsì fún ọsán gángan rẹ̀ pọ̀, ó lù ú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó tún un fún, ó ní kí n jẹ́ kó máa lọ. Gbohùngbohùn kan ni mo fi gbà á, orin wà létí rẹ̀ nìkan. Ó ki ìdílé ọkọ fún báà 8, ó ki ti ìyàwó fún báà 7, ní báà tó kẹ́yìn ó da ìlù bolẹ̀ títí tó fi wọ inú 2:00, ohùn obìnrin náà sì wọlé lábẹ́ rẹ̀ lórí bíìtì àkọ́kọ́.